Ọjọ́ Mọ́kànlélógún fún Olóhùn-iyọ̀

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ ohùn tó burú jù nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, kó wá gbọ́ igbe ewúrẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Olóhùn-iyọ̀. Ìyàwó Bàbá Kíláàsì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà ayé rẹ̀, yẹ̀yẹ́ ló sì fi ń ṣe. Ohùn ẹran náà dà bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ta epo sí lẹ́sẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Bó bá ké lẹ́ẹ̀kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú kíláàsì á di etí, olùkọ́ á dánu dúró, ẹ̀rín á sì sọ. Bàbá Kíláàsì nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, ohùn yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ilé rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni ọkùnrin náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ kó tó di akẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, láàárín àwọn ọmọ ogún ọdún tó tó bí lọ́mọ. Àwọn ọmọ náà ló fún un lórúkọ Bàbá Kíláàsì. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ bá ti parí lóòjọ́, kálukú á gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ta ni yóò pe bàbá eléwú wá gbá bọ́ọ̀lù? Bó bá dé ilé rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, Olóhùn-iyọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Á bi í bóyá ó ti jẹun, á sì tún fúnra rẹ̀ dáhùn.

Ìdí tí télọ̀ fi ju abẹ́rẹ́ aṣọ sílẹ̀ tó wá ń kọ́ abẹ́rẹ́ ẹran, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi á sọ ọ́ fún yín. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ ní ewúrẹ́ méjìlá, ó sì ń tọ́jú wọn bí ẹni tọ́jú ọmọ. Òṣìṣẹ́ kan tó ń gún ẹran lábẹ́rẹ́ kiri ti kọ́ ọ pé ẹran tuntun kì í bá ti àtijọ́ jẹ pọ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Kíláàsì rí ewúrẹ́ abo kan lọ́jà, ara rẹ̀ ń dán, ó ní kí òun fi mú inú ìyàwó òun dùn. Ẹran náà ń sín díẹ̀. Ó ní eruku ọjà ni.

Ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè nígbà tó fà á wọlé. "Ṣé ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ yín?"

"Oníbàárà kan ló fi ta mí lọ́rẹ," ni ó dáhùn. "Ó ti lé lóṣù kan tó ti wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi."

Irọ́ ni. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ló rà á. Ó kàn fẹ́ rí ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni, kò fẹ́ dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó sì rí ẹ̀rín náà. Kó tó pé oṣù kan, imú ń ṣàn, ojú ń ṣepin, ẹnu àwọn ẹran kún fún egbò, ìgbẹ́ gbuuru sì dá wọn dùbúlẹ̀. Mọ́kànlá nínú méjìlá kú, èyí tó mú wá náà sì kú tẹ̀ lé wọn. Ọmọ ewúrẹ́ kan tó burú lóhùn ló yè. Ìyàwó rẹ̀ ní bóyá afẹ́fẹ́ ló gbé àrùn náà wá, òun náà ní bẹ́ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ ni. Ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo, tí ìyá rẹ̀ ti ṣèlérí pé ewúrẹ́ mẹ́fà ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ oko tirẹ̀, sọkún ó sọkún, òun náà bú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ríru mú ìyá lọ, ó sì gbé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ náà lọ sí sàréè.

Sáà kìíní tí Bàbá Kíláàsì lò nílé ẹ̀kọ́ ló gbọ́ orúkọ àrùn náà: kata. Olùkọ́ ń kọ ọ́ sójú pátákó pé inú omi imú, omi ojú, itọ́ àti ìgbẹ́ ló ń gbé, pé ẹran kan tó ti kó o lè má tíì fi hàn kó tó kó ran odidi agbo. Gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá Kíláàsì mú bírò lọ́wọ́, kò kọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún wá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti dá oko sílẹ̀ fúnra rẹ̀ níbi tó jìn, kì í sì í pe bàbá rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì ò tíì jọ jẹun lórí tábìlì kan. Lọ́jọ́ kan ni fóònù dún.

"Bàbá mi, ìsinmi yín ń bọ̀. Ẹ wá lò ó lọ́dọ̀ mi. Mo ti kun yàrá kan fún yín."

Bàbá gbé fóònù lọ sí etí kejì.

"Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ẹ mú Olóhùn-iyọ̀ dání. Ẹran Màmá ni, kò yẹ kó máa dá gbé. Ẹ̀yin náà ò yẹ lẹ́ni tó ń dá gbé. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún kó tó wá. Mo ní ọgbọ̀n ewúrẹ́ tó ti gba abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tún wà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ oṣù méjì."

"Kò tíì yá fún wọn nìyẹn," ni bàbá rẹ̀ wí. "Abẹ́rẹ́ kata, ó di bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ohun tí wọ́n mu lọ́yàn ìyá wọn ṣì lè ba àjẹsára náà jẹ́, kó tó di ìgbà yẹn."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́."

Ẹni tó ń dá gbé kì í lè mú ayọ̀ mọ́ra láìsọ ọ́ fún ẹnì kan. Bàbá Kíláàsì gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ bá Olóhùn-iyọ̀ nídìí èèkàn, ó ní, "Wọ́n ní ká wá sílé." Ẹran náà ké, ó burú jáì.

Ọ̀gá oko ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ obìnrin, dókítà ẹran ni. Ó kéré sí Bàbá Kíláàsì lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ oko, kò mọ̀ ju òfin lọ. Ó gbà kí wọ́n lo ilé ìyàsọ́tọ̀ tó wà nísàlẹ̀ oko, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹran yòókù. Yàrá ẹran méjì ló wà níbẹ̀, ìjì sì ti ká òrùlé ọ̀kan lọ. Yàrá èèyàn kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Dókítà wọn ìgbóná ara Olóhùn-iyọ̀, ó jẹ́ mọ́kàndínlógójì, bó ṣe yẹ kí ti ewúrẹ́ tára rẹ̀ le jẹ́. Ó fún un ní oògùn aràn. Ó mú àjẹsára kata jáde láti inú kúlà tó kún fún yìnyín, ó po ó, ó sì fà á sínú síríńjì, mílílítà kan péré, ó gún un sábẹ́ awọ lẹ́yìn èjìká. Èyí tó kù nínú ìgò, ó dà á sínú omi oògùn apakòkòrò. "Bí a bá ti po ó, kò sí pé a ń fi pamọ́ dọ̀la," ó wí.

Ó wá kọjú sí bàbá. "Bàbá, ẹ̀yin náà ti wọ ìyàsọ́tọ̀ o. Fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, ẹ ò gbọdọ̀ dé ilé adìyẹ, ẹ ò gbọdọ̀ dé ilé ewúrẹ́ ńlá. Bàtà rọ́bà yìí àti ẹ̀wù iṣẹ́ yìí ò ní jáde níbí. Ìgbálẹ̀ ibí, ti ibí ni. Garawa ibí, ti ibí ni. Bí ẹ bá ń wọlé, ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹrẹ̀ ìdí bàtà, kẹ́ ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ inú agbada oògùn. Oògùn kì í pa ohun tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀. Oúnjẹ yín, wọ́n á máa gbé e sórí òkúta yẹn."

"Mo gbọ́, Dókítà."

"Àti pé, bí ẹran mìíràn bá bá a wọ yàrá yẹn, kódà fún wákàtí kan, ọjọ́ tí ẹ ti kà ti di asán. Láti ọjọ́ tó bá tẹ̀ lé ìpínyà wọn lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ láti oókan."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ "1" sára ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn, ní àràárọ̀, Bàbá Kíláàsì á nu èyí tó wà níbẹ̀, á kọ èyí tó kàn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní ò le. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lára. Dókítà ò lè máa wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, òpin iṣẹ́ ló sì máa ń wá, nítorí àwọn ẹran kéékèèké tára wọn le ni wọ́n ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ilé ìyàsọ́tọ̀ ló ń gbẹ̀yìn. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá á gbé e sórí òkúta, á juwọ́, á lọ. Olóhùn-iyọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wà níbẹ̀ bí ẹni tí kò sí. Ewúrẹ́ kì í ṣe ẹran tó lè dá wà, agbo ni ayé rẹ̀. Ó ń ké, á dúró, á tẹ́tí, á tún ké. Kò sí ewúrẹ́ tó dá a lóhùn.

Ìdánwò ń bọ̀ lẹ́yìn ìsinmi, Bàbá Kíláàsì bá sọ ẹran náà di ẹgbẹ́ ìkàwé. Á jókòó lórí àpótí, á ní, "Ó yá, adìyẹ tó ń yé ẹyin. Ọjọ́ kìíní, níbi tí wọ́n ti jáde nínú ẹyin: abẹ́rẹ́ àrùn Márẹ́ẹ̀kì lábẹ́ awọ ọrùn, ká sì kán ti lúkúlúkú sí wọn lójú. Bí ọjọ́ kẹwàá: àjẹsára àrùn Gọ́mbórò nínú omi. Bí ọjọ́ kejìdínlógún: Gọ́mbórò kejì. Ọ̀sẹ̀ kẹrin: Lásótà nínú omi, lúkúlúkú náà la tún ń lé. Ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ: ti àrùn ìléròrò, a ó gún un mọ́ awọ apá. Lẹ́yìn náà, lúkúlúkú alábẹ́rẹ́ sínú ẹran ara, ká tún un ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Dókítà agbègbè lè sún ọjọ́ síwá sẹ́yìn, ṣé o gbọ́? Ṣùgbọ́n adìyẹ tó ń ṣàìsàn, a kì í fún un." Olóhùn-iyọ̀ á máa jẹ àpọ̀jẹ. Nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ yẹn, òun nìkan ni kì í béèrè ìbéèrè.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó gbọ́ ariwo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lókè. Wọ́n fẹ́ fún òròmọdìyẹ igba ní Lásótà. Wọ́n ti gba omi lẹ́nu wọn láti bíi wákàtí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n. Ó rí olórí kíláàsì, ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ yá gágá, tó ń gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

"Ẹ má pọn tẹ̀rọ o!" Bàbá Kíláàsì kígbe láti ìdí ọgbà. "Kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò wà nínú rẹ̀! Àjẹsára yẹn, ohun alààyè ni, ẹ ó pa á sínú garawa! Ẹ lọ pọn ti kànga, kẹ́ ẹ da mílíìkì oníyẹ̀fun sí i!"

"Bàbá Kíláàsì ń sọ̀rọ̀ láti ọ̀run!" ni ọ̀kan wí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n da omi náà nù, wọ́n lọ sídìí kànga. Dókítà gbọ́ ọ, ó sì sọ lójú gbogbo wọn pé bí kì í bá ṣe ti bàbá, iṣẹ́ ọjọ́ náà ì bá já sásán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Inú Bàbá Kíláàsì dùn títí tó fi sùn. Ẹni tó mọ òfin fún ẹlòmíràn, ó máa ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n fún ara òun.

Ọjọ́ kẹrìnlá ni ọmọ ewúrẹ́ kan dé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ẹran kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́ ló já a sílẹ̀. Olórí kíláàsì rí i lẹ́bàá títì, ó ń tiro, ó fi àpò àtijọ́ gbé e wá sídìí ọgbà ìsàlẹ̀. Dókítà ò sí lóko lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Dókítà ní kẹ́ ẹ so ó mọ́ abẹ́ igi ẹ̀yìn yẹn, Bàbá. Ó jìn tó ogójì ìṣísẹ̀. Garawa tirẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó padà sọ́dọ̀ tiyín. Ó ní kò gbọdọ̀ wọlé."

"Mo mọ̀," ni Bàbá Kíláàsì wí. Ó sì mọ̀ lóòótọ́.

Ó so ó. Ó bu omi fún un. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òjò dé. Kì í ṣe òjò kékeré. Ọmọ ewúrẹ́ náà rọ́ mọ́ ìdí igi, ó ń gbọ̀n, ó sì ké pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín. Olóhùn-iyọ̀ dìde nínú yàrá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rìnlá, ewúrẹ́ ké, ewúrẹ́ sì dá a lóhùn. Wọ́n ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ láàárín òjò. Bàbá Kíláàsì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo igi, ó wo yàrá kejì tí kò ní òrùlé. Ó lè fi tapólì bo ọmọ náà níbi tó wà. Tapólì náà wà níbẹ̀, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́wọ́ òjò nìkan ló ti fẹ́ gba ẹran náà, lọ́wọ́ ìdáwà náà ni.

Ó gbé e wọlé. Olóhùn-iyọ̀ gbóòórùn rẹ̀ láti orí dé ìrù, ó lá omi kúrò lára rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ tì í. Gbogbo ilé náà dákẹ́. Bàbá Kíláàsì jókòó lórí àpótí rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè sọ ohun tó ń sunkún lé lórí ní pàtó.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ló ti gbé ọmọ náà padà sábẹ́ igi. Ó gbá ilẹ̀ yàrá. Ó nu 14, ó kọ 15. Ṣọ́ọ̀kì náà dúró díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kọ ọ́.

Lọ́jọ́ náà, ẹni tó ni ọkọ̀ padà wá béèrè ẹran rẹ̀. Dókítà ti dé, ó ní kí taya ọkọ̀ náà má kọjá ẹnu géètì. Wọ́n gbé ọmọ ewúrẹ́ náà fún un ní ìta. Ara rẹ̀ le lójú, ó kàn ń sín díẹ̀. Bàbá Kíláàsì gbọ́ èésín náà láti ìdí ọgbà. Ó ní òjò ni.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ẹrù wọn, wọ́n lọ ìsinmi. Olórí kíláàsì wá juwọ́ sí i. "Ẹ bá wa kí ọmọ yín o, Bàbá! Ẹ jẹun dáadáa!" Nígbà tí ariwo wọn tán, Dókítà wá sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ ò dán.

"Bàbá, oníṣòwò yẹn pè mí. Ẹran méjìlá ti kú nínú àwọn tó kó lọ. Ẹnu wọn kún fún egbò, imú ń ṣàn. Ó jọ kata. Ó ní ọmọ yẹn náà ti dùbúlẹ̀." Ó wo ilẹ̀kùn yàrá. "Mo dúpẹ́ pé abẹ́ igi ló wà. Kò wọlé rárá, àbí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kàwé yìí, ẹ má yára dá a lẹ́jọ́. Gbogbo ohun tó ti kọ́ dìde dúró nínú orí rẹ̀ láti gbèjà rẹ̀. Ẹran tí kata ti mú rí tó yè, kata kì í mú un mọ́. Olóhùn-iyọ̀ sì ti gba abẹ́rẹ́, bí ọ̀sẹ̀ méjì ló ti wà lára rẹ̀ kí ọmọ yẹn tó dé. Ó ń jẹun, imú rẹ̀ gbẹ. Àlàáfíà ló wà. Yàrá kan wà níbì kan tí wọ́n ti kùn.

"Kò wọlé, Dókítà," ó wí.

"Ó dáa. Bí ìgbóná ara rẹ̀ bá pé lọ́túnla, màá buwọ́ lùwé."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ pè. "Bàbá mi, ṣé kò sí nǹkan?" Ó ní kò sí nǹkan. Ọmọ náà ń sọ ti àwọn ọmọ ewúrẹ́ mẹ́sàn-án, pé ọ̀kan ní òǹtẹ̀ funfun níwájú orí, pé ó máa ń gun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Bàbá ń rẹ́rìn-ín síbi tó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pa fóònù, ó lọ wo Olóhùn-iyọ̀. Ó wo irun ara rẹ̀, ó wo pátákò rẹ̀, ó wo okùn ọrùn rẹ̀ tí ọmọ ọjọ́sí ti fẹnu jẹ. Ta ló sọ pé kata ló ṣe é lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn? Ta ló gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò? Òun fúnra rẹ̀ ló rò bẹ́ẹ̀, ó rò ó nítorí pé ó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlélógún, ọmọ rẹ̀ dé pẹ̀lú ọkọ̀ onípátákó lẹ́yìn. Ó ti tẹ́ koríko gbígbẹ sí i. Dókítà jẹ́ kó gbé ọkọ̀ dúró ní ìta, ọmọ náà sì fẹsẹ̀ rìn wá títí dé ìdí ọgbà ìsàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó mú okùn tuntun lọ́wọ́. Ojú ìyá rẹ̀ ló gbé wọ̀. Dókítà tẹ̀ lé e, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá mi! Ẹ ti rù o. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jẹ́ n dì mọ́ yín."

Ó na ọwọ́ sórí ọgbà. Bàbá rẹ̀ fà sẹ́yìn.

"Dúró níbẹ̀, ọmọ mi. Má fọwọ́ kàn mí."

"Kí ló dé?"

"Ọmọ ewúrẹ́ kan wọ yàrá yẹn lọ́jọ́ kẹrìnlá. Òjò ń rọ̀, èmi ni mo gbé e wọlé. Òun àti Olóhùn-iyọ̀ jọ sùn mọ́jú. Agbo tó ti wá, kata ń pa wọ́n."

Dókítà ká ìwé ọwọ́ rẹ̀ sí méjì.

"Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi níjẹta pé kò sí nǹkan," ni ọmọ náà wí.

"Mo purọ́ ni. Mo ti fẹ́ bá ọ lọ." Ó lè dákẹ́ níbẹ̀, èyí tó sọ ti tó fún ti òní. Ṣùgbọ́n irọ́ méjèèjì ti so mọ́ra wọn lọ́kàn rẹ̀, kò rí bó ṣe lè fa ọ̀kan jáde kó fi èkejì sílẹ̀. "Kì í ṣe èyí nìkan. Ewúrẹ́ tí mo mú wá fún ìyá rẹ, tí mo ní ó ti lo oṣù kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò lo ọjọ́ kan níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo rà á. Ìyá rẹ bi mí, mo sì wò ó lójú, mo purọ́ fún un. Kì í ṣe afẹ́fẹ́, ọmọ mi. Èmi ni."

Ọmọ náà wò ó. Okùn tuntun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ó tún fi ìkejì sẹ́yìn.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù: bí o bá gbọ́ pé àrùn wà níbì kan, kọ́kọ́ bọ́ sẹ́yìn, kó o tó bi ìbéèrè kankan. Ohun tó yẹ kó ṣe náà ló ṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ọmọ ewúrẹ́ mẹ́sàn-án nílé. Ṣùgbọ́n Bàbá Kíláàsì dúró síbẹ̀, kò mọ èwo nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ọmọ náà ń bọ́ sẹ́yìn fún, ó sì dùn ún dé eegun.

Dókítà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo. "Àbí ẹ rò pé nítorí ó gba abẹ́rẹ́, ó tán? Ó lè má ṣàìsàn láéláé, kó ṣì gbé e lọ lára irun àti pátákò. Ẹ̀yin náà lè gbé e lọ lára bàtà. Àwọn ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ ni yóò sanwó rẹ̀."

"Mo mọ̀, Dókítà. Ó ti tó ọjọ́ méjì tí mo ti ń mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti oókan, kì í ṣe láti òní ṣá. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tí ọmọ yẹn jáde la ó ti kà á. Òní di ọjọ́ kẹfà." Ó yíjú sí ọmọ náà. "Bàtà rẹ, kó o fọ̀ ọ́ kó o tó wọ ọkọ̀. Bó o bá délé, kó o wẹ̀, kó o pààrọ̀ aṣọ, kó o tó dé ọ̀dọ̀ ẹran."

Agbada oògùn mìíràn wà lẹ́nu ọ̀nà òkè. Ọmọ náà mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fọ ìdí bàtà ọ̀tún, ó fọ ti òsì, ó tún yí ti ọ̀tún padà, ó wo àárín àwọn ilà rẹ̀ bóyá ẹrẹ̀ kù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ki ẹsẹ̀ bọ omi oògùn, ó sì dúró nínú rẹ̀ pẹ́ tó bó ṣe yẹ. Bàbá rẹ̀ ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Kò tíì rí ẹni tó fọ bàtà dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà láàárín àwọn tó gba máàkì tó ga jù.

Nígbà tó dé ìdí ọkọ̀, ó yíjú padà, ó gbé ohùn sókè kó lè dé ìsàlẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

Kò ní òun á padà wá, kò sì ní òun ò ní wá. Ó ju okùn tuntun náà sórí koríko gbígbẹ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wọlé, ó sì lọ. Dókítà náà ti lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan nínú ọgbà.

Bàbá Kíláàsì fọ bàtà rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ agbada, ó wọlé. Ó nu 21 tó ti kọ láàárọ̀, ó nu ún títí tí àmì rẹ̀ fi parẹ́, ó sì kọ 6. Olóhùn-iyọ̀ ké láti inú yàrá. Ohùn náà lọ yí ká oko, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ kẹfà ni," ó sọ fún un, ó sì fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn.